Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Màmá ò tíì yàgbẹ́: ṣé oògùn ìrora ló fà á?

Abẹ́kẹ́_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi, ẹni ọdún 71, ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan wọn sì kán níbi ìgbáròkó. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n pààrọ̀ orí egungun náà. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà, àná la sì délé. Tírámádọ́ọ̀lù mílígírámù 50 ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin tí wọ́n ní kí wọ́n lò fún oṣù mẹ́ta. Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọn ò ti yàgbẹ́. Kò sẹ́ni tó fún wa ní oògùn kankan fún ìyẹn. Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n wá nǹkan ṣe sí i?

Olóko_Ọ̀yọ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Oúnjẹ ni ẹ tún ṣe. Ẹ fún wọn ní ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, ewédú, kí ẹ sì bu eèpo àlìkámà sínú ògì wọn láràárọ̀ àti lálẹ́. Bàbá tèmi náà máa ń ní ìgbẹ́ líle, ohun tó yanjú tiwọn nìyẹn. Láàárín ọjọ́ méjì, inú á ṣí.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Abẹ́kẹ́ ọmọ mi, má tíì fún wọn ní eèpo àlìkámà kankan. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Ṣé ìsó ń jáde? Ṣé wọ́n ń bì? Fọwọ́ lé ikùn wọn: ṣé ó rọ̀, àbí ó wú, ó le bí awọ ìlù? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mélòó ni wọ́n ń mu lójúmọ́? Ṣé wọ́n ní àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín? Orí ibùsùn ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àbí wọ́n ń dìde?

Wọ́ọ̀dù eléegun ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 27 kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdáhùn rẹ ló máa sọ bóyá ilé la ti máa tọ́jú èyí tàbí ọsibítù.

Abẹ́kẹ́_Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé, Mà. Ìsó ń jáde, wọn ò bì. Ikùn wọn kún díẹ̀ ṣùgbọ́n kò le. Kò sí àrùn ọkàn, kò sí ti kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni. Ní ti omi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, wọn kì í mu ju ìdajì ọ̀rá kan lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá mu omi, àwọn á tọ̀, bí àwọn bá sì fẹ́ tọ̀, ó di dandan kí ẹni méjì wá gbé àwọn sórí póò. Wọn ò fẹ́ dà wá láàmú. Orí ibùsùn ni wọ́n wà láti àná.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìsó ń jáde, tí wọn ò sì bì. Ó fi hàn pé ọ̀nà ò tíì dí pátápátá. Tó bá jẹ́ pé ikùn wú, ìsó dá, tí wọ́n sì ń bì, pàápàá èébì aláwọ̀ ewé, mi ò ní jẹ́ kí o fún wọn ní oògùn ìyàgbẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọsibítù ni ẹ ò bá gbà lọ lálẹ́ yìí. Ẹ máa wo àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi dáwọ́ oògùn ìrora dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màmá. Tírámádọ́ọ̀lù, kodéìnì, mọfíìnì, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà ìrora nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń di ara ìfun mú. Ìfun tó máa ń fún ara rẹ̀ bí ẹni ń fún ọṣẹ ìfọyín jáde, tí í fi í ti ìgbẹ́ síwájú, á wá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbẹ́ á dúró pẹ́ sójú kan, ara á sì máa fa omi inú rẹ̀ padà títí á fi gbẹ bí òkúta wẹẹrẹ. Ẹnu ìdí náà á tún fún mọ́ra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: oorun àti èébì tí àwọn oògùn yìí ń fà, ara sábà máa ń mọ́ wọn lára láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti ìfun kì í mọ́ra. Ìfun á máa lọ́ra bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fi ń lo oògùn náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí oògùn ìyàgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí tírámádọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ti pẹ́ jù. Wọn ò ṣe é fún yín, inú mi ò sì dùn sí i, torí ohun tó ṣeé dènà ni.

Pe dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ lónìí, sọ fún un pé ọjọ́ kẹfà ni, ìsó ń jáde, kò sí èébì. Kí ó gbọ́ kí a tó ṣe ohunkóhun.

Olóko_Ọ̀yọ́
Màmá, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n kí ló dé tí eèpo àlìkámà ò fi dára? Àwọn dókítà fúnra wọn ló ń sọ pé ká máa jẹ ẹ́.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Ó dára fún Bàbá yín, ẹni tó ń rìn, tó ń mu omi, tí ìfun rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí eèpo àlìkámà ń ṣe ni pé ó máa ń fa omi mu, ó sì máa ń mú kí ìgbẹ́ pọ̀, kí ìfun lè rí nǹkan tì. Ti Màmá Abẹ́kẹ́ yìí, títì gan-an ni kò sí. Ẹni tó bá tún kó ẹrù kún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú kò tíì ran ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Tí omi bá sì tún jẹ́ ìdajì ọ̀rá lójúmọ́, eèpo yẹn á gbẹ mọ́ inú ìfun bí amọ̀. Ìbẹ́pẹ àti ewédú ò burú ní tiwọn. Kí wọ́n jẹ wọ́n níwọ̀nba, pẹ̀lú omi.

Apoògùn_Ifẹ̀
Ẹ kúulé, Màmá. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ jẹ́ kí n mú ti oògùn wá.

Fún irú èyí, oògùn tó ń ta ìfun jí ló yẹ kó ṣáájú. Sẹ́nà ni mo sábà máa ń mú, oníhóró mílígírámù 7.5. Hóró méjì ni àgbàlagbà sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, lálẹ́. Wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ló máa fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó ní bíi agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kí ó lè bọ́ sí òwúrọ̀. Bí sẹ́nà ò bá sí ní fámásì yín, bisákódì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Odindi ni kí wọ́n gbé e mì, kí wọ́n má ṣe rún un, kí wọ́n má sì fi mílíìkì gbé e, torí mílíìkì máa ń bó awọ ara rẹ̀ kí ó tó dénú ìfun, inú á wá máa ta wọ́n.

Èkejì ni látúlóòsì, olómi dídùn yẹn. Kò ta ìfun jí, omi ló ń fà wá sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀. Mílílítà 15 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí pé á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ó lè tó ọjọ́ méjì. Ó sì máa ń fa gáàsì, nítorí náà bí ikùn bá kún sí i díẹ̀, kí ẹ má bẹ̀rù. Omi tó ń fà yẹn, láti inú ara ni. Ẹni tí kì í mu omi tó ń lo látúlóòsì, òùngbẹ nìkan ló ń fi kún òùngbẹ.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́fà tó ti gbẹ sí ẹnu ìdí, oògùn tí a gbé mì lè máa tì í láti òkè kí ìsàlẹ̀ má ṣí, kí inú wá máa fún Màmá gan-an. Ti ìsàlẹ̀ la máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ bi dókítà nípa bisákódì mílígírámù 10 tí wọ́n ń kì sí ìdí. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan ló máa ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí àga póò ti wà nítòsí.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta
Èmi náà mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi abẹ gbé àwọn ìbejì mi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun àfi tí mo bá só. Ọjọ́ kejì ni mo tó só. Wọ́n ní kí n máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Ẹ má fún Màmá ní oúnjẹ títí wọn yóò fi yàgbẹ́.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Tiyín yàtọ̀. Inú ikùn yín ni abẹ wọ̀, ìfun á sì máa sùn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù máa ń tètè jí i, òótọ́ ni. Ti Màmá Abẹ́kẹ́, abẹ ò dé ikùn wọn, ìsó sì ń jáde. Kí wọ́n jẹun. Oúnjẹ àárọ̀ gan-an ló máa ń ta ìfun jí jù lọ nínú ọjọ́: bí nǹkan gbígbóná bá ti wọ ikùn, ìfun ìsàlẹ̀ á fẹ́ fún ara rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ògì àárọ̀, bíi ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí, ni kí ẹ gbé wọn sórí àga póò, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan. Ìgbẹ́ kì í jáde dáadáa fún ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì dúró tì í.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Pékàm̀
Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún Abẹ́kẹ́, torí ohun tó ṣe mí ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fún mi ní kodéìnì dání, wọn ò fún mi ní oògùn ìyàgbẹ́. Ọjọ́ márùn-ún, kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ kẹfà, ìgbẹ́ olómi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, tí mi ò lè dá a dúró. Mo rò pé inú ń ṣu mí ni. Mo bá lo lopẹrámáìdì tó wà nílé. Ní ọjọ́ kejì, ìrora tó mú mi kúrò ní kékeré. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò sọ pé ìgbẹ́ líle ló dí ẹnu ọ̀nà, pé omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wá ẹ̀gbẹ́ gbà jáde. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ olómi lára Màmá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà yìí, ẹ má rò pé ó ti yanjú.

Apoògùn_Ifẹ̀
Ẹ ṣé gan-an fún èyí, Ẹ̀gbọ́n. Kí n fi kún un pé lopẹrámáìdì tí ẹ lò, ọmọ ìdílé kodéìnì lòun náà. Ìyàtọ̀ ni pé inú ìfun ló ń jókòó sí, kì í sábà dé ọpọlọ. Ẹ ti kọ́kọ́ fi kodéìnì di ìfun mú, ẹ wá fi èyí tún un dì.

Adérónkẹ́_Alágbo
Ìyá mi ń ta àgbo ní Ọjà Ọba. Ewé àsúnwọ̀n ni kí ẹ sè fún Màmá. Ago kan péré, inú á ṣí. Tí kò bá sí, ẹ wá àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Apoògùn_Ifẹ̀
Àǹtí Adérónkẹ́, àsúnwọ̀n ń mú èèyàn yàgbẹ́ lóòótọ́. Ìbátan sẹ́nà ni, irú nǹkan kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìwọ̀n. Nínú hóró sẹ́nà, mo mọ iye tó wà níbẹ̀. Nínú ago àgbo, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ara ẹni ọdún 71 tí omi ò tó lára rẹ̀ ò sì lè gba ìgbẹ́ gbuuru. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ìyẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fún un rárá. Ọtí àti tírámádọ́ọ̀lù papọ̀ lè mú kí èèyàn sùn, kí mímí rẹ̀ sì máa lọ sílẹ̀.

Adérónkẹ́_Alágbo
Mo gbọ́ ti ọtí, mo gbà. Ti àsúnwọ̀n, mi ò tíì gbà. Ìyá mi mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Káyọ̀dé_Ìlọrin
Ẹ jẹ́ kí Màmá lóṣòó. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà ṣu nìyẹn, ó ń jẹ́ kí ìdí ṣí. Tó bá jẹ́ ṣáláńgá òyìnbó ni, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Káyọ̀dé, má bínú, èyí léwu fún Màmá yìí! Fún ẹni tí abẹ rẹ̀ ò kan ìgbáròkó, àpótí kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ dára, èmi náà ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ orí egungun itan rẹ̀, bó bá lóṣòó, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ, egungun tuntun náà lè yẹ̀ kúrò ní ojú ihò rẹ̀. Àga póò gíga ni kí wọ́n jókòó lé, kí orúnkún relẹ̀ díẹ̀ ju ìbàdí lọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí dókítà tó ní kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Abẹ́kẹ́, omi nìyí. Ọ̀rá mẹ́ta lójúmọ́ ni kí o fojú sùn, ìyẹn lítà kan àtààbọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò sí àrùn ọkàn tàbí kíndìnrín. Má gbé ọ̀rá kalẹ̀ níwájú wọn kí o sì lọ. Fún wọn ní ife kan nígbà tí wọ́n bá jí, ife kan pẹ̀lú oògùn kọ̀ọ̀kan, ife kan pẹ̀lú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọlé kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí wọ́n má baà máa pe yín lóru. Kí àga póò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Màmá yín ò kọ omi, póò ni wọ́n ń sá fún.

Kí wọ́n sì kúrò lórí ibùsùn lónìí. Kí wọ́n jókòó sórí àga jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n fi wọ́kà rìn dé ẹnu ọ̀nà àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ọsibítù. Kí wọ́n lo oògùn ìrora bíi ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú kí wọ́n tó rìn. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé rírìn nìkan á borí tírámádọ́ọ̀lù. Kò tó o. Ṣùgbọ́n ìfun ẹni tó sùn gbalaja máa ń lọ́ra ju ti ẹni tó dìde lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì tún máa dì sí ẹsẹ̀ ẹni tí kò rìn.

Abẹ́kẹ́_Mọ́kọ́lá (lẹ́yìn ọjọ́ méjì)
Ẹ gbà mí láàyè kí n dúpẹ́. Dókítà ní kí a lo èyí tí wọ́n ń kì sí ìdí. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló kì í lẹ́yìn ògì àárọ̀. Ìṣẹ́jú bíi 40 ló gbà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde le bí kóró àgbàdo, ó dùn wọ́n, wọ́n sunkún, lẹ́yìn náà ìyókù rọ̀. Wọ́n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Sẹ́nà méjì lálẹ́ àti látúlóòsì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá méjì àtààbọ̀ ni wọ́n mu lánàá.

Abẹ́kẹ́_Mọ́kọ́lá (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà)
Mo ti ṣe àṣìṣe kan. Bí ìgbẹ́ ṣe wá dáadáa ní ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, mo ní ó ti tó, mo dáwọ́ sẹ́nà dúró. Tírámádọ́ọ̀lù ṣì ń lọ. Ọjọ́ kẹta rèé, ìgbẹ́ ò tún wá. Ìsó ń jáde, kò sí èébì, ikùn rọ̀.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìgbẹ́ tó wá yẹn, sẹ́nà ló mú un wá, ìfun gan-an ò tíì bọ́ lọ́wọ́ tírámádọ́ọ̀lù. Dá a padà lálẹ́ yìí. Bí ìgbẹ́ bá rọ̀ jù, dín hóró méjì kù sí ẹyọ kan, má ṣe dá a dúró. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tírámádọ́ọ̀lù ìkẹyìn lo máa dá a dúró. Kọ ọjọ́ tí ìgbẹ́ wá àti bó ṣe rí sínú ìwé. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí ìgbẹ́ nígbà tí sẹ́nà ń lọ, pe dókítà, má dúró dé ọjọ́ kẹfà mọ́.

Bi dókítà bákan náà bóyá tírámádọ́ọ̀lù lè dín kù. Bí parasẹ́tamọ̀ bá ń lọ déédéé, hóró méjì ti mílígírámù 500 ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, dípò ìgbà tí ìrora bá dé, ọ̀pọ̀ máa ń lè fi tírámádọ́ọ̀lù mọ sí alẹ́ nìkan. Kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24. Bí ara wọn bá fúyẹ́, tí wọn ò tó kílógírámù 50, dókítà á sọ iye tó kéré sí ìyẹn.

Apoògùn_Ifẹ̀
Màmá, ibi kan ṣoṣo ni mo ti yàtọ̀ sí yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, irin sì ń mú ìgbẹ́ le, ó ń sọ ọ́ di dúdú. Èmi á dá sẹ́nà dúró nígbà tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní dá látúlóòsì dúró títí irin á fi tán.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Fún oṣù mẹ́ta? Èmi á kọ́kọ́ bi dókítà bóyá wọ́n lè máa lo irin ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fo ọjọ́ kejì. Gáàsì látúlóòsì máa ń ni àwọn àgbà lára.

Apoògùn_Ifẹ̀
Ìyẹn náà dára. Bí iye ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló máa sọ ọ́.

Abẹ́kẹ́_Mọ́kọ́lá (lọ́jọ́ kejì)
Ìgbẹ́ wá láàárọ̀ yìí, ó rọ̀. Dókítà ti ní kí tírámádọ́ọ̀lù di alẹ́ nìkan, parasẹ́tamọ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ti irin, wọ́n ní àwọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́jọ́bọ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Màmá fúnra wọn ló béèrè omi lónìí, wọ́n ní kí n gbé àga póò súnmọ́ fèrèsé.